Oorun Tí Asáré Ọ̀nà Jíjìn Jẹ Ní Gbèsè

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ kì í sábà bá Eliud Kipchoge lójúfò ní ibùdó ìgbaradì Kaptagat, lórí òkè Kẹ́ńyà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni eré ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì di ọ̀sán, ọkùnrin tó sá máràtọ́ọ̀nù láàárín wákàtí tí kò pé 2 lọ́dún 2019 yìí á tún padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Aládùúgbò tí kò mọ̀ lè pè é ní ọ̀lẹ. Àmọ́ ẹni tó ń sá bíi 200 kílómítà lọ́sẹ̀, oorun wà lára iṣẹ́ rẹ̀.

Wákàtí 7 lè tó àgbàlagbà mìíràn. Asáré tó wà lẹ́nu ìgbaradì líle sábà máa ń nílò 8 sí 10, ìsinmi ọ̀sán mọ́ ọn. Nínú oorun ìjìkà ni ara ti ń tú èyí tó pọ̀ jù nínú hòmóònù ìdàgbàsókè jáde, ìyẹn tó ń bá ara tún iṣan tí eré ti fà ya ṣe.

Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2009, ọkùnrin 11 sáré fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tí wọn ò fojú ba oorun lóru. Ọ̀nà tí wọ́n sá fi bíi 190 mítà dín sí ti ìgbà tí wọ́n sùn dáadáa. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé bí eré náà ṣe le lára wọn kò yàtọ̀. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ti ń fà sẹ́yìn.

Ká ní asáré kan tó nílò wákàtí 8 sun 5 péré fún alẹ́ mẹ́rin, nítorí ọmọ ọwọ́ tó ń ké lóru. Ó ti jẹ gbèsè wákàtí 12. Bó bá sùn di ọ̀sán lọ́jọ́ Sátidé láti san án, oorun ò ní kùn ún lálẹ́, ọ̀rọ̀ á sì tún bàjẹ́. Kí ó máa jí ní aago tó ti ń jí tẹ́lẹ̀, kí ó sì fi wákàtí kan tàbí kan àbọ̀ tètè sùn fún alẹ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Kò ní láti san wákàtí 12 náà pé: ara fúnra rẹ̀ á sun oorun ìjìkà púpọ̀ sí i. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán tún dára, ṣáájú aago mẹ́ta. Kọfí ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán gangan.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí ó fi eré àsápajúdé sílẹ̀, kí ó máa sá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kó tó dìde láàárọ̀, kí ó ka iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ lù láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń lé 7 tàbí 8 sí ti tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ara ò tíì padà. Bí oorun bá ṣì ń kọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ pé ó ń hanrun, tí èémí sì ń dá dúró, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ti àìsùn alẹ́ tó ṣáájú ìdíje ńkọ́? Ìyẹn kì í sábà ba eré jẹ́ bí àwọn alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ bá dára. Ẹni tó máa sáré ní Sátidé, láti ọjọ́ Ajé ni kí ó ti máa tètè sùn.