Oṣù Tí Ọjà Ń Yá, Tí Owó Sì Tán Lọ́wọ́

Gbogbo ẹni tó ń ta àǹkárá àti léèsì ní ọjà Gbàgì n'Ìbàdàn ló mọ ìgbà tí ọjà máa ń yá. Bí ọdún bá ń parí lọ, ìgbéyàwó á pọ̀, Kérésì náà á tún dé. Wọ́n sì mọ̀ pé ní oṣù kẹsàn-án, owó ilé-ìwé ọmọ ni àwọn òbí ń wá, kì í ṣe aṣọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣírò sílẹ̀ ni oṣù tí owó máa tán lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn. Oṣù ọ̀hún lè má jẹ́ èyí tí ọjà kú jù rárá.

Ìwé kan tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ lànà sí ló máa ń fi í hàn. Oṣù kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù ló máa wà lókè. Èèyàn á fi owó tó máa wọlé kún un, á yọ owó tó máa jáde, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni yóò bẹ̀rẹ̀ òpó oṣù tó tẹ̀ lé e. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: oṣù tí owó bá tẹ èèyàn lọ́wọ́ tàbí tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó kọ ọ́ sí. Aṣọ tí wọ́n rà láwìn lónìí, owó oṣù tó ń bọ̀ ni. Owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan, oṣù tí onílé máa gbà á ló wà. Pípín in sí ọ̀nà 12 á tan ẹni tó kọ ọ́ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká fún un ní iye tó rọrùn láti ṣírò. Ó ń retí láti ta ọjà ₦600,000 ní oṣù keje, ₦400,000 ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, ₦800,000 ní oṣù kẹwàá, ₦1,600,000 ní oṣù kọkànlá, ₦2,400,000 ní oṣù kejìlá. Ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀ ń san owó lójú ẹsẹ̀, ìdajì ń san án lóṣù kejì. Owó ilé, owó ọmọ iṣẹ́, owó ọkọ̀ àti àjọ ń gba ₦250,000 lóṣooṣù.

Ó bẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ pẹ̀lú ₦600,000. ₦500,000 wọlé, ó ra ọjà ₦200,000, ó ku ₦650,000. Ní oṣù kẹsàn-án, ₦400,000 wọlé, ó tún ra ọjà ₦200,000, ó san owó ṣọ́ọ̀bù ₦300,000, ó ku ₦300,000. Ọkàn rẹ̀ ṣì balẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù tí ọjà kú ló ń parí lọ.

Oṣù kẹwàá ni wàhálà dé. Ó ní láti ra ọjà ìparí ọdún ₦1,000,000 kí iye tó gbówó lórí, ₦600,000 péré ló sì wọlé. Owó rẹ̀ á fi ₦350,000 dín sí òfo. Ní oṣù kọkànlá, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún èrò, ₦1,200,000 wọlé, ṣùgbọ́n ọjà ₦1,000,000 mìíràn àti ìnáwó oṣù gba ₦1,250,000. Gbèsè náà di ₦400,000. Oṣù kejìlá ló tó gbà á là: ₦2,000,000 wọlé, ọjà ₦300,000 ló rà, ₦1,050,000 sì ṣẹ́ kù.

Ẹni tí kò bá rí ihò yìí ní oṣù keje á sáré yá owó èlé ní oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá ti rí i ní àyè láti tún un ṣe. Bí àjọ rẹ̀ bá jẹ́ ti ènìyàn 10 tí wọ́n ń dá ₦50,000, kó bẹ olórí àjọ pé kí òun kó ní oṣù kẹwàá. ₦500,000 yẹn á dí ihò náà, ₦100,000 á sì ṣẹ́ kù ní ìparí oṣù kọkànlá. Ọ̀nà kejì ni kó dín àwìn kù. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjà oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá bá di owó lójú ẹsẹ̀, ₦150,000 péré ni yóò nílò ní oṣù kẹwàá, oṣù kọkànlá á sì parí láìjẹ gbèsè.

Níbi tí ìṣirò ti máa ń daru jù ni kéèyàn da iye ọjà èṣí kọ sí oṣù kan náà lọ́dún yìí. Iléyá kì í dúró lójú kan. Ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ló bọ́ sí ní 2023, ọjọ́ 16 ní 2024, ọjọ́ 6 ní 2025. Nǹkan bí ọjọ́ 11 ló fi ń yá sí i lọ́dọọdún, nítorí náà ọjà tó tà ní oṣù karùn-ún lè ti wà ní oṣù kẹrin lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, owó tí yóò fi ra ọjà náà á sì ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ṣáájú.

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí onítọ̀hún kọ iye tó wọlé gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó retí. Bí ọjà bá tà tó bó ṣe rò, ṣùgbọ́n tí owó kò tó, àwọn tó jẹ ẹ́ láwìn ló ń fà á sẹ́yìn. Àwọn ni kó lọ bá kó tó ra ọjà mìíràn.