Ìlẹ̀kùn tí a Rọra Tì: Bí a Ṣe Ń Padà Béèrè Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ọ̀gá Àtijọ́

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a ti kọ́ ní kíláàsì rí wá bá wa nílé ní Àjàṣẹ́, lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 4 ni ó fi ṣe igbákejì oníṣirò owó ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń ta irin àti sìmẹ́ǹtì ní Kútọ̀nú. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìjà láìta, ó lọ bá àjọ kan ṣiṣẹ́ ní Lòmé, nítorí pé owó oṣù tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn oṣù 18, owó tí àwọn olùrànlọ́wọ́ fi ń gbé àjọ náà ró tán, iṣẹ́ sì parí. Ọmọ ọwọ́ wà nílé. Ó fẹ́ padà síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú ń tì í.

A ka lẹ́tà náà. Ó fi gbólóhùn tí gbogbo àwa tí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Faransé mọ̀ sórí bẹ̀rẹ̀: pé òun ní ọlá láti wá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó ga jùlọ, síwájú inú rere ńlá ọ̀gá, láti tọrọ iṣẹ́. Ẹ má dá a lẹ́bi. Àwa olùkọ́ ni a kọ́ ọ. Gbólóhùn yìí yẹ ẹni tí ó ń kọ̀wé sí àjèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà oníṣirò tí ó ń kọ ọ́ sí ti bá a ṣiṣẹ́ nínú bírò kan náà fún ọdún 4. Obìnrin náà mọ ohùn rẹ̀, ó mọ àṣìṣe rẹ̀, wọ́n sì ti jọ ka ọjà inú ilé ìkẹ́rù títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sọ ẹni mímọ̀ di àjèjì.

Àbúrò bàbá rẹ̀ ní ìmọ̀ràn mìíràn: òun fúnra òun yóò lọ bá a bẹ ọ̀gá. A dá a lẹ́kun. Nínú àṣà wa, a máa ń rán àgbà níṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ nígbà tí ẹ̀ṣẹ̀ tàbí ìjà bá wà láàárín ẹni méjì. Ọmọ yìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí àgbà bá dé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, ọ̀gá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó sì ṣòro láti kọ̀ fún àgbà lójúkojú. Ìbéèrè tí ó dára nínú ọ̀ràn yìí ni èyí tí ọ̀gá lè dáhùn ní "rárá" láìsí ìtìjú fún ẹnikẹ́ni.

A wá bi í léèrè bí ó ṣe kúrò gan-an. Ó ní òun kọ̀wé ìfilọ̀ ní oṣù kan ṣáájú, òun fi ọ̀sẹ̀ 2 kọ́ ẹni tí yóò rọ́pò òun, òun sì fi ìwé gbèsè àwọn oníbàárà lé e lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí kálukú ṣèlérí láti san. Ó ṣì ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ tí ó ń lọ ní ìwé yìí, kí ó kọ ọjọ́ tí ó wọlé, ọjọ́ tí ó jáde, àti irú iṣẹ́ tí ó ṣe sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èwe wa kì í béèrè fún un nítorí pé wọ́n ń yára lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Ìwà rere tí a fi kúrò níbi kan wà lórí ẹni kan tàbí méjì péré; bí àwọn wọ̀nyí bá ti lọ, ìwé nìkan ni yóò sọ̀rọ̀ fún wa.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. A ní kí ó kọ́kọ́ bá alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan sọ̀rọ̀, kí ó kàn béèrè ipò tí nǹkan wà, kí ó má ṣe rán an níṣẹ́ sí ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé a fẹ́ padà, ó lè ti pinnu kí a tó dé. Ó gbọ́ nǹkan mẹ́ta: ọ̀gá àgbà oníṣirò ṣì wà, ẹni tí òun kọ́ wà lórí àga òun, ó sì ń ṣe dáadáa, wọ́n sì ti ṣí ilé ìtajà kejì ní Gòdómẹ́.

Ó pe ọ̀gá náà lórí ẹ̀rọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan láàárín oṣù, nítorí pé ní ìparí oṣù, oníṣirò tí ń pa ìwé dé kò ní etí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó sọ kò gùn: "Ẹ káàárọ̀, Màdáàmù, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ tí mo bá lọ sí Lòmé ti parí, nítorí pé owó àjọ náà tán. Mo fẹ́ wá kí yín, kí n sì bi yín bóyá àyè kan lè yọ fún mi ní ilé-iṣẹ́. Kì í ṣe àga mi àtijọ́ ni mò ń béèrè. Mo mọ̀ pé ó ní ẹni tí ó jókòó sí i. Bí kò bá sí àyè, n óò ṣì wá kí yín."

Gbólóhùn nípa àga yẹn ni a rò lé lórí jùlọ. Ẹni tí ó bá béèrè àga rẹ̀ àtijọ́ ń sọ fún ọ̀gá pé kí ó lé ẹlòmíràn, kò sì sí ọ̀gá tí ó fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Obìnrin náà ní kí ó wá ní ọjọ́ Ẹtì. Kí ó tó lọ, ó fẹ́ sọ pé àìsàn ìyá òun ni ó gbé òun lọ sí Lòmé. A ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó mọ̀ pé owó ni. Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn ọ̀gá kò ju èyí lọ: bí owó tí ó pọ̀ ju tiwa bá tún pè é, ṣé kò ní lọ? A kò ní kí ó búra pé òun kò ní kúrò láé, nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò gbà á gbọ́. Ó sọ pé owó ni ó gbé òun lọ, pé òun ti rí i pé iṣẹ́ olóṣù díẹ̀díẹ̀ kò bá ilé òun mu mọ́, àti pé ìyàwó òun ti ní iṣẹ́ ní Kútọ̀nú. Ó fi kún un pé ní Lòmé, wọn kò gba ìnáwó kankan wọlé láìní nọ́ńbà lórí ìwé ẹ̀rí owó rẹ̀, àti pé òun lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé ìtajà tuntun.

Ọ̀gá bi í ní nǹkan méjì: iye tí ó ń gbà ní Lòmé, àti ọjọ́ tí ó lè bẹ̀rẹ̀. Àmì nìyẹn. Ẹni tí kò fẹ́ gbani kì í béèrè iye owó. Ẹni tí ó bá sọ pé "a óò pè ọ́" láìbéèrè ohunkóhun, kí a pè é lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí a sì fi í sílẹ̀.

Wọ́n fún un ní àdéhùn oṣù 6 ní Gòdómẹ́, ní owó oṣù tí ó ń gbà kí ó tó kúrò. Níbí ni ó ti yẹ kí a la ojú. Àdéhùn tuntun ni. Kíka ọdún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní rẹ̀. Ọdún 4 ti tẹ́lẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọdún iṣẹ́ ni wọ́n máa ń wò láti ṣírò owó tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá dá dúró. Wọ́n sì tún kọ ìgbà ìdánwò sí i, bí ẹni pé wọn kò rí i rí. Ó béèrè fún méjèèjì. Wọ́n yọ ìdánwò kúrò lójú ẹsẹ̀. Ní ti ọdún 4, wọ́n ní bí àdéhùn bá di ti ayérayé lẹ́yìn oṣù 6, àwọn yóò kà á. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìlà kan kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n kọ ọ́.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí ó gbé wá bá wa ní ọjọ́ Àìkú, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Ọmọkùnrin tí ó kọ́ ní ọ̀sẹ̀ 2 yẹn ni yóò máa bójú tó ìṣirò ilé ìtajà méjèèjì. Òun ni yóò jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì fi ọdún 5 kéré sí i. Ó bi wá bí òun yóò ṣe máa pè é. A dákẹ́ díẹ̀ kí a tó dá a lóhùn, nítorí pé ìbéèrè náà kò rọrùn.

Ní ọjọ́ Ajé, ó wọ bírò, ó sì kí i ní "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá". Èyí àbúrò rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó ní "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n", ó sì na ìwé gbèsè àwọn oníbàárà sí i. Àwọn ìlà tí òun fúnra rẹ̀ fà sínú rẹ̀ ní ọjọ́ sí ni wọ́n ṣì ń lò.