Fóònù Méjì Níwájú Aláta

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń polówó áàpù owó kiri ọjà sábà máa ń ti ibi tí kò yẹ bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì kí ìyá tán tí wọ́n ti ń béèrè NIN. Ibi tí wọ́n ti ń wá a, oníbàárà méjì ti kọjá. Bí èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n á máa sọ, ẹ̀yìn pátápátá ni ìforúkọsílẹ̀ á wà. Alẹ́ẹ̀tì èké tó ń dun aláta ni mo máa fi ṣíwájú.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìsọ̀ tòmátì kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, la wà. Fóònù méjì ni ọmọ náà mú dání, áàpù sì wà lórí méjèèjì. Ó fi ọ̀kan lé ìyá lọ́wọ́.

“Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ajé á wọ igbá o. Èló lẹ rí níbẹ̀ yẹn?”

“₦2,350.”

“Mo fẹ́ ra tòmátì ₦500.” Ó fi fóònù kejì sanwó. “Èló ló ti dà báyìí?”

“₦2,850.”

Kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Kó gbé àwòrán ìwé ìsanwó kan jáde, èyí tí wọ́n kọ “Successful” gàdàgbà sí lára, kó ní òun tún ti san ₦500 míì. Ìyá á wo ọwọ́ ara rẹ̀: ₦2,850 ṣì ni. “O ò tíì san nǹkan kan!” Ẹnu ìyá ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbọ́dọ̀ jáde, kì í ṣe ẹnu ọmọ tó ń polówó.

Apá tí wọ́n máa ń fò ló kàn. Kí ó pa dátà fóònù ọwọ́ ìyá, kó tún san ₦100. Iye ojú fóònù ò ní yí padà, bẹ́ẹ̀ owó ti wọlé. Kó wá tan dátà, kó ní kí ìyá fa ojú fóònù wálẹ̀, kí ₦2,950 yọ. Ẹni tí kò bá rí èyí lè pe oníbàárà rere lólè.

Kó sì sọ òtítọ́ nípa “Pending”. Owó tó ń ti báǹkì kan lọ sí òmíràn sábà máa ń gba ọ̀dọ̀ NIBSS kọjá. Báǹkì olùsanwó á yọ owó, báǹkì ìyá á sì dáhùn pé òun ti gbà á. Bí ìdáhùn náà bá há sójú ọ̀nà, owó lè ti kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà, kó má sì tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá. Oníbàárà ò purọ́, àmọ́ kí tòmátì ṣì dúró.

Ìgbà yìí ni kó tó béèrè NIN. Bó bá kan PIN, kó kọ̀yìn sí ìyá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lọ kà á sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Gbólóhùn tí ìyá ò bá gbọ́ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ dànù.