Àádọ́rùn-ún Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Alábòójútó Tuntun

Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù lára àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa ń sọ di alábòójútó. Wọ́n á fún un ní lẹ́tà lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá di ọjọ́ Ajé, ó ti di ọ̀gá àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán. Bí wọn yóò ṣe mọ̀ pé ó ń ṣe dáadáa, ẹnikẹ́ni kì í sọ fún un. Ohun tí ètò ọjọ́ 30, 60 àti 90 wà fún nìyẹn: ìwé ojú kan péré, tí òun àti máníjà jọ kọ, tí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní wọ́n fi obìnrin kan tó ti ń kó omi sínú báàgì fún ọdún mẹ́rin ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án tó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀. Ẹ̀rọ méjì ló ń di omi sínú ọ̀rá. Irinwó báàgì ni wọ́n ń ṣe lójúmọ́, ogún ọ̀rá nínú báàgì kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà ń rò jù ni pé ọ̀rá ń jò.

Ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ ló le jù, nítorí pé kò gbọ́dọ̀ tíì yí nǹkan kan padà, àfi ohun tó bá lè pa ènìyàn lára tàbí ba omi jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbọ́, kó sì kà. Yóò bá ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó lọ́tọ̀, láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀. Bí ìyá kan tó jù ú lọ bá wà nínú wọn, òun ni kó kọ́kọ́ lọ bá: “Ẹ mà, kí ló ń fa iṣẹ́ yín sẹ́yìn jù níbí?” Ìyá náà mọ̀ pé òun ṣì ń bọ̀wọ̀ fún òun, ọ̀rọ̀ tí kò ní sọ lójú gbogbo ayé yóò sì jáde.

Ní ti kíkà, yóò máa kọ iye ọ̀rá tó jò, ẹ̀rọ tó ti wá àti wákàtí tó jò sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ká ní ó rí i pé 320 ń jò nínú 8,000, ìyẹn mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé ẹ̀rọ kejì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, ní wákàtí àkọ́kọ́ òwúrọ̀. Ìwé yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ètò náà. Láìsí i, bí nǹkan bá dára lẹ́yìn oṣù méjì, kò ní lè fi hàn.

Láàárín ọjọ́ 31 sí 60, ohun kan ṣoṣo ni yóò tún ṣe. Ìdí tí ọ̀rá fi ń jò láàárọ̀ ni pé irin tó ń lẹ ọ̀rá pọ̀ kò tíì gbóná tó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kánjú, torí iye báàgì ni wọ́n fi ń sanwó fún wọn. Ìbáwí kò lè wo èyí sàn. Yóò bá máníjà sọ ọ́ kí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ máa dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú, kí wọ́n sì sanwó àkókò náà. Wọ́n á pààrọ̀ aṣọ tẹ́fílọ́ọ̀nù tó bo irin náà bó bá ti gbó, wọ́n á sì fọwọ́ tẹ àwọn ọ̀rá àkọ́kọ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó kó wọn sínú báàgì.

Kó má fi iye lásán wé iye o. Lọ́jọ́ tí dísù tán tí wọn ò ṣe ju igba báàgì lọ, 160 tó jò kì í ṣe ìlọsíwájú: mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún náà ni.

Láti ọjọ́ 61, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lè lọ láìjẹ́ pé ó dúró tì í. Yóò kọ́ ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé náà, òun fúnra rẹ̀ yóò sì jáwọ́ nínú kíkó omi sínú báàgì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọsẹ̀: bí iṣẹ́ bá ti pọ̀, wọ́n á padà sídìí ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀, ẹ̀rọ á sì wà láìsí olójú.

Tó bá di àádọ́rùn-ún ọjọ́, òun àti máníjà á ṣí ìwé náà. Bí jíjò bá ti wálẹ̀ sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ó dára. Bí kò bá wálẹ̀, wọ́n á wo èyí tí agbára rẹ̀ ká àti èyí tí kò ká, nítorí alábòójútó kò lè fi ẹnu ra ẹ̀rọ tuntun. Ìbéèrè kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí máníjà dáhùn fúnra rẹ̀: ọ̀dọ̀ ta ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbàyè báyìí bí ara wọn kò bá yá? Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ máníjà ni, tó sì ń fún wọn láyè láìbi obìnrin náà, máníjà ni kò tíì gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́.