Ẹlẹ́rìí Méjì Tí Òrùlé Fi Ń Dúró

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti kọ orúkọ ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì sínú ìwé ẹgbẹ́. Ó mú orúkọ àkọ́kọ́, ó fi wé gbogbo ìyókù. Ó mú ìkejì, ó fi wé àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí tó fi dé ìsàlẹ̀ ìwé. Bí orúkọ bá jẹ́ 10, ẹ̀ẹ̀márùndínláàádọ́ta ni yóò fi orúkọ wé orúkọ. Bó bá jẹ́ 100, ó di ìgbà 4,950. Bó bá jẹ́ 1,000, ó di 499,500. Ká pe iye orúkọ ní n, iye iṣẹ́ náà sì nìyí:

T(n) = n(n − 1)/2 = n²/2 − n/2

Onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó bá rí i yóò ní Θ(n²) ni. Kò fi ojú wọ̀n ọ́n lásán: ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí wá, nọ́ńbà ni ẹlẹ́rìí náà.

O ni òrùlé. Bí a bá ní T(n) wà nínú O(n²), ohun tí à ń sọ ni pé nọ́ńbà c kan wà tó ju òdo lọ, nọ́ńbà n₀ kan sì wà, tó fi jẹ́ pé láti n₀ lọ sókè, T(n) kò ní ju c × n² lọ láé. Ω ni ilẹ̀: láti n₀ lọ sókè, T(n) kò ní kéré sí c × n². Θ ni kí òrùlé àti ilẹ̀ pé. c ti òrùlé lè yàtọ̀ sí ti ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá ti yan èyíkéyìí nínú wọn, kò gbọdọ̀ yí padà mọ́ bí n ṣe ń pọ̀ sí i.

Paul Bachmann, ará Jámánì, ló gbé O jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1894. Ní 1976, Donald Knuth rí i pé àwọn kan ń fi O sọ ti ilẹ̀, ló bá dá a lábàá pé kí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà máa lo Ω fún ilẹ̀ àti Θ fún méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá ẹlẹ́rìí fún akọ̀wé wa. Òrùlé kò le. A yọ n/2 kúrò lára n²/2, nítorí náà ohun tó ṣẹ́kù kò lè ju n²/2 lọ. c = 1/2, n₀ = 1. Ó parí.

Ilẹ̀ ló gba ọgbọ́n, torí pé n/2 tí a yọ yẹn ń fà wá sísàlẹ̀. Ká dán c = 1/4 wò. A fẹ́ kí

n²/2 − n/2 ≥ n²/4

A kó n² sí apá kan, ó di n²/4 ≥ n/2. A fi n pín ọ̀tún àti òsì, ó di n ≥ 2. Ìṣirò fúnra rẹ̀ ló fi n₀ lé wa lọ́wọ́: c = 1/4, n₀ = 2. Òrùlé wà, ilẹ̀ wà, Θ(n²) ti dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ilẹ̀ sún mọ́ òrùlé lè mú c = 0.4, àmọ́ n₀ yóò di 5. Bó bá mú 0.49, n₀ di 50. Bó bá wá ní 1/2 gan-an lòun fẹ́, kò sí n₀ kankan tó lè gbà á, nítorí n/2 tí a yọ yẹn kò ní di òdo láé. Ìdí nìyí tí a fi máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a bá ń yan c. Kò sẹ́ni tó ń wá c tó dára jù. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá ṣiṣẹ́ ti tó.

Ká wá ní ẹnì kan jiyàn pé O(n) ni iṣẹ́ akọ̀wé yìí. Ó mú c = 500, ó dán an wò láti orúkọ 1 títí dé 1,000. Ó bá a mu ní gbogbo ìgbà! T(1,000) jẹ́ 499,500, 500 × 1,000 sì jẹ́ 500,000. Kódà ó bá a mu ní 1,001. Ìgbà tó di 1,002 ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ: T(n) di 501,501, òrùlé sì wà ní 501,000. Bó bá gbé c sókè, ibi tí yóò ti já kàn ń sún síwájú ni, torí pé ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí (n − 1)/2 má ju c lọ. Kí n ṣáà ti ju 2c + 1 lọ, àdéhùn ti bàjẹ́. Bó bá sì ní kí c máa dàgbà bí n ṣe ń dàgbà, ẹlẹ́rìí tó ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ló mú wá síwájú adájọ́ yẹn.