Ọ̀rọ̀ kan fún ohun kan: àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí fún àkọlé oògùn oko kòkó ní Ìdànrè

Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí ni ìwé tí àwọn atúmọ̀-èdè tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà jọ ń wò, kí gbogbo wọn lè máa fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun kan náà. Ìlànà ìkọ̀wé ni ìkejì rẹ̀. Òun ni ó ń sọ bí a ó ṣe kọ àmì ohùn, òǹkà, ọjọ́ àti orúkọ ọjà. A lè rí ìwúlò àwọn méjèèjì dáadáa lára ike oògùn tí àgbẹ̀ ń gbé lọ sí oko kòkó.

Ìdànrè, ìlú tó wà ní ẹsẹ̀ àwọn òkè olókùúta ńlá ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí a fi kòkó mọ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó; àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wá láti ibi tí a kì í ti í sọ Yorùbá. Ká ní oníṣòwò kan fẹ́ ta oògùn mẹ́ta níbẹ̀: èyí tí ń pa kòkòrò tí ń fa omi ara èso mu, èyí tí ń dènà àrùn tí ń sọ èso di dúdú ní àsìkò òjò, àti èyí tí ń pa koríko. Ó fẹ́ kí a kọ àkọlé wọn ní Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Atúmọ̀-èdè mélòó kan pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn, wọn kò sì sọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹni kìn-ín-ní pe ohun tó wà nínú ike ní "oògùn", ẹnì kejì pè é ní "egbòogi", ẹnì kẹta pè é ní "kẹ́míkà". Àgbẹ̀ tó ra méjì nínú wọn lè rò pé ohun méjì tó yàtọ̀ pátápátá ni.

Ohun ni a kọ́kọ́ ń wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé ohun tí a fẹ́ dárúkọ: kí ni ó ń pa, kí ni kò lè pa, ìgbà wo ni a ń lò ó. Onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni kí ó yẹ àlàyé náà wò, irú àwọn tó wà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayunrẹ́, lẹ́bàá Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó wá ọ̀rọ̀ fún un ní èdè kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí ètò yìí fi ṣe pàtàkì hàn nínú ọ̀rọ̀ náà "oògùn". Ohun tí aláìsàn ń mu ni oògùn. Ohun tí a ń fọ́n sí oko náà ni oògùn. "Magani" ti Haúsá àti "ọgwụ" ti Ìgbò ní irú ìtumọ̀ méjì yìí gẹ́lẹ́. Nítorí náà, ewu kan náà wà nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ohun ìwòsàn ni. Síbẹ̀, kò yẹ kí a ju ọ̀rọ̀ náà nù, nítorí òun ni àgbẹ̀ ń lò. Ohun tí ìlànà yóò sọ ni pé "oògùn" kò gbọdọ̀ dá dúró lára ike; ọ̀rọ̀ tó sọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e nígbà gbogbo. Níbi ìkìlọ̀, "májèlé" ni kí a lò.

Ọ̀rọ̀ kejì tó léwu ni "kòkòrò". Ó ń tọ́ka sí ohun abẹ̀mí kékeré tí ojú ń rí, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tún ń pe ohun tí ń fa àrùn, tí ojú kò rí, ní kòkòrò. Bí a bá wá kọ "apakòkòrò" nìkan, ẹni tí èso rẹ̀ ń dúdú lè rà á, kí ó fọ́n ọn, kí àrùn náà sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Báyìí ni ìlà kan nínú àkójọ ṣe lè rí:

- Ohun náà: èyí tí a ń fọ́n sára èso kòkó kí àrùn òjò má baà sọ ọ́ di dúdú. Kì í pa kòkòrò tí ń fa omi èso mu. Èso tó ti jẹrà kò lè tún padà bọ̀ sípò.
- Ọ̀rọ̀ tí a yàn: oògùn adènà-ìjẹrà
- Èyí tí a kò gbọdọ̀ lò: apakòkòrò, egbòogi, oògùn (ní òun nìkan)
- Àpẹẹrẹ: Fọ́n oògùn adènà-ìjẹrà sára èso kí òjò tó pọ̀.

Apá kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ àkójọ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó ń fi òpin sí àríyànjiyàn. Bí a kò bá kọ èyí tí a kọ̀ sílẹ̀, atúmọ̀-èdè tuntun yóò tún mú un wọlé.

Àmì ohùn

Kòkó ni èyí tí a ń tà sókè òkun; kókò ni a ń sè jẹ; kókó sì ni ohun tó ta kókó tàbí ìdí pàtàkì ọ̀rọ̀. Bí a bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìsí àmì, àkọlé kò sọ irúgbìn tí a ń bójú tó. Nítorí náà, gbogbo àmì ohùn ni ìlànà gbọ́dọ̀ béèrè fún, bí àyè ara ike tilẹ̀ kéré.

Ìṣòro kan tún wà tí ojú kò rí. Lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ọ̀ ṣeé kọ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ:

```
U+1ECD U+0300
U+00F2 U+0323
```

Méjèèjì jọ ara wọn lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Bí atúmọ̀-èdè bá wá "oògùn ọ̀gbìn" nínú àkójọ tí kò sì rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀, ibí ni kí a kọ́kọ́ wò. Ìlànà yóò pàṣẹ pé kí a yí gbogbo ìwé sí `NFC`, èyí tí í ṣe ìlà òkè, kí a tó fi ránṣẹ́.

Kíka ọjọ́

Ká ní àkọlé sọ pé ọjọ́ 14 gbọ́dọ̀ kọjá láàárín ìfọ́n àti ìkórè. Nínú ìṣirò ọjọ́ àtijọ́, Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye. Ẹni tó fọ́n oògùn ní Mọ́ńdè tó sì kà á sí ọjọ́ kìn-ín-ní yóò parí kíkà rẹ̀ ní Sọ́ńdè, ọjọ́ kan ṣáájú àkókò. Atúmọ̀-èdè mìíràn lè kọ "ìtàdógún". Kíkà tirẹ̀ bọ́ sí Mọ́ńdè tó yẹ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí kò mọ ìṣirò náà yóò rò pé ọjọ́ 15 ni. Kí ìlànà fi gbólóhùn kan ṣoṣo lélẹ̀ fún gbogbo àkọlé: "Ọjọ́ kejì ìfọ́n ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Má ṣe já èso títí ọjọ́ 14 yóò fi pé." Kí a fi òǹkà kọ iye náà, kí Haúsá àti Ìgbò sì tẹ̀ lé ìṣirò kan náà.

Ìdánwò

Kí a tó tẹ àkọlé, kí a fi ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú àgbẹ̀ mélòó kan, kí a sì béèrè pé: "Èwo ni ẹ máa mú bí èso yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú?" Kí a má ṣe béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà yé wọn, nítorí ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọwọ́ wọn bá lọ sí ike apakòkòrò, ọ̀rọ̀ tí a yàn ni ó kùnà, kì í ṣe àgbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó ní àṣẹ láti yí ìlà àkójọ padà, kí ó kọ ọjọ́ àti ìdí rẹ̀ sí i, kí ó sì ránṣẹ́ sí àwọn tí ń túmọ̀ sí èdè yòókù lọ́jọ́ kan náà.