Tẹtirasaikilínì Kò Bá Mílíìkì Rẹ́

Bí dókítà bá ní kí aláìsàn kan ní Ìgèdè-Èkìtì máa lo tẹtirasaikilínì, kápúsù pupa òun yẹ́lò nì, ó ṣeé ṣe kó fi ẹ̀kọ gbígbóná tí a bu mílíìkì sí gbé ti òwúrọ̀ mì, kí inú má baà run ún. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èròjà kálísíọ́mù tó ń mú eegun le pọ̀ nínú mílíìkì, wàrà àti yọ́gọ́ọ̀tì. Bí òun àti oògùn yìí bá pàdé nínú ikùn, wọn a so mọ́ ara wọn pinpin, ìfun kò sì ní lè fà wọ́n sínú ẹ̀jẹ̀. Ó lè tó ìdajì oògùn náà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí yóò bá ìgbẹ́ jáde.

Èyí kì í fi àmì kankan hàn lára. Ohun tí a óò kàn rí ni pé àìsàn kò lọ, aláìsàn a sì máa fura pé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún òun.

Wákàtí 1 ṣáájú oúnjẹ, tàbí wákàtí 2 lẹ́yìn rẹ̀, ló yẹ kí a lò ó. Ẹni tí yóò mu ẹ̀kọ ní aago 7 àárọ̀, kí ó fi ife omi lásán kan lò ó ní aago 6, tàbí kí ó ní sùúrù di aago 9 ó kọjá díẹ̀. Kí ó má sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí kápúsù tó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun lè dá egbò sí i.